Èló ni kí oníṣòwò àdìrẹ máa ta ẹyọ kan kí èrè rẹ̀ lè pọ̀ jù?

Ìbéèrè: Ìyá kan ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Tí a bá ṣírò owó aṣọ funfun, aró àti iṣẹ́ ọwọ́, ₦4,000 ló ń ná lórí ẹyọ kan. Nígbà tó ń tà á ní ₦6,000, ẹyọ 60 ló ń tà lọ́sẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fi ₦100 lé e, ẹyọ 2 ni yóò dín nínú ohun tó ń tà. Èló ló yẹ kó máa tà á kí èrè ọ̀sẹ̀ kan lè pọ̀ jù lọ? Èló sì ni èrè náà?

Ojútùú: Ẹ jẹ́ kí x dúró fún iye ìgbà tó fi ₦100 lé owó ọjà. Èrè orí ẹyọ kan yóò jẹ́ 6000 + 100x − 4000, ìyẹn 2000 + 100x. Ẹyọ tí yóò tà jẹ́ 60 − 2x. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ kí ẹ lè rí P, ìyẹn èrè ọ̀sẹ̀ kan:

P = (2000 + 100x)(60 − 2x)
P = −200x² + 2000x + 120000

Kuadirátíìkì rèé. Àmì ìyọkúrò ló wà níwájú 200x², nítorí náà gíráàfù rẹ̀ yóò gòkè, yóò dé ṣóńṣó, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ṣóńṣó yẹn là ń wá; −200 tó wà níwájú x² ni a, 2000 tó wà níwájú x sì ni b:

x = −b/(2a) = −2000/(−400) = 5

5 yìí kì í ṣe owó o. Ìgbà márùn-ún ni kó fi ₦100 lé e. Owó ẹyọ kan di ₦6,500, yóò ta ẹyọ 50, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ 2500 × 50 = ₦125,000.

Kí ló dé tí kò fi lè ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ tún P kọ báyìí:

P = −200(x − 5)² + 125000

(x − 5)² kì í kéré sí òdo láé. Iyekíye tí x bá jẹ́ yàtọ̀ sí 5, a óò yọ nǹkan kúrò nínú 125000 ni. Ẹ dán an wò ní ₦6,400 àti ní ₦6,600: ₦124,800 ni méjèèjì.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà jù nìyí: wọ́n á gbàgbé ₦4,000, wọ́n á wá ṣóńṣó owó tó wọlé dípò èrè.

(6000 + 100x)(60 − 2x) = −200x² − 6000x + 360000

x di −15, ìyẹn ni pé kó yọ ₦100 kúrò lórí owó ọjà nígbà 15: kó tà á ní ₦4,500, kó ta ẹyọ 90. Owó tó wọlé yóò tó ₦405,000 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ₦500 péré ló kù lórí ẹyọ kan. Èrè rẹ̀ kò ju ₦45,000 lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ odindi aṣọ 90 sínú aró!

Ẹ ṣe èyí fúnra yín: Aró gbówó lórí, ìnáwó ẹyọ kan di ₦4,400. Èló ni kó máa tà á?

Ìdáhùn: x = 7; ₦6,700; èrè ₦105,800. Ẹ kíyè sí i pé ìnáwó fi ₦400 gòkè, ṣùgbọ́n ₦200 péré ló yẹ kó fi kún ₦6,500 tó ń tà tẹ́lẹ̀.