Àyẹ̀wò Àdéhùn Fránṣáìsì fún Ilé Oúnjẹ Gwárínpà

Àbújá, ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2026

Alhaja,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. A ti ka àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ Èkó náà fi ránṣẹ́ sí yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àfikún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èsì wa rèé: ẹ má tíì fọwọ́ sí i, ẹ má sì san kọ́bọ̀ kankan. Kì í ṣe pé ọjà náà kò dára. Adìyẹ wọn ń tà. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà ṣe wà yìí, ọdún márùn-ún tí wọ́n fún yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó láti kó owó yín padà, ẹnu ọ̀nà àbájáde sì há ju ti àbáwọlé lọ. Nínú ìwé yìí, "olórúkọ" ni ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ tí ẹ fẹ́ yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ìwọlé jẹ́ ₦7,500,000 (ìpínrọ̀ 5.1). Tí ẹ bá fi VAT 7.5% kún un, ₦8,062,500 ni ẹ ó san lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé, wọn kì í sì í dá a padà "lábẹ́ ipòkípò". Èyí kò dára rárá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, olórúkọ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ bá rí (5.4). Tí wọ́n bá kọ mẹ́ta, àdéhùn ti parí nìyẹn, owó náà sì ti lọ. Ohun tí a máa béèrè ni pé kí ẹ san 30% nígbà ìfọwọ́sí, kí ẹ san ìyókù nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Tí kò bá sí ṣọ́ọ̀bù láàárín oṣù mẹ́fà, kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, kí wọ́n yọ kìkì iye tí wọ́n lè fi rìsíìtì hàn pé wọ́n ti ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, lóṣooṣù, wọ́n fẹ́ 6% lórí ọjà fún orúkọ, 2% fún ìpolówó, àti ₦45,000 fún ètò orí kọ̀ǹpútà tó wà nídìí ẹ̀rọ ìsanwó. Ìṣòro wà nínú bí wọ́n ṣe túmọ̀ "ọjà" ní ìpínrọ̀ 1.14: gbogbo owó tó bá wọ ẹ̀rọ ni wọ́n kà sí ọjà, VAT pẹ̀lú. Tí ẹ bá ta ₦9,000,000 lóṣù, ₦627,907 nínú rẹ̀ jẹ́ VAT. Owó ìjọba ni, kò fìgbà kan jẹ́ tiyín. Síbẹ̀ ẹ ó san 8% lé e, ìyẹn ₦50,233 lóṣù, tó lé ní ₦600,000 lọ́dún. Ẹ ní kí wọ́n yọ VAT kúrò, kí wọ́n yọ owó tí ẹ bá dá padà fún oníbàárà, àti owó tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri bá yọ kí wọ́n tó fi tiyín ránṣẹ́.

Iye tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ san lóṣù fún orúkọ ni ₦400,000, ọjà tà o, kò tà o. Tí ọjà bá já sí ₦4,000,000, ₦400,000 náà ti di 10% nìyẹn, kì í ṣe 6% mọ́. A ò sọ pé kí wọ́n má béèrè iye kékeré kan rárá. Kí ó má bẹ̀rẹ̀ títí ilé oúnjẹ yóò fi pé ọdún kan, kí ó sì dúró ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tilẹ̀kùn nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ní Gwárínpà, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí ilẹ̀ tí a fún ènìyàn láti kọ́ ilé gbígbé. Bí àwọn Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ bí a ṣe ń lo ilẹ̀ ní Àbújá, bá ti ilé onílé yín pa nítorí ọ̀rọ̀ ìlò ilẹ̀, ₦400,000 yóò ṣì máa sáré lórí yín bí ìwé ṣe wà yìí.

A ṣírò ohun tó lè kù, pẹ̀lú ìnáwó tí ẹ̀yin àti olórúkọ jọ fún wa. Ní ọjà ₦9,000,000 lóṣù: ohun èlò oúnjẹ 45%, ₦4,050,000, owó òṣìṣẹ́, ₦1,350,000, owó ilé, ₦500,000, dísẹ́ẹ̀lì, gáàsì àti iná, ₦900,000, ti olórúkọ, ₦765,000, VAT, ₦627,907. Ohun tó kù ni ₦807,093, kí a tó tún nǹkan kan ṣe, kí a tó san owó orí èrè. Owó tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ₦38,000,000 fún ilé àti ẹ̀rọ, ₦8,062,500 fún ìwọlé, àti ₦1,500,000 tí wọ́n ní kí ẹ ná lórí ìpolówó ìṣílé: ₦47,562,500 lápapọ̀. Ẹ pín in. Oṣù 59 ni yóò gbà kí owó yín tó padà. Àdéhùn náà jẹ́ oṣù 60.

Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ìgbà àti ìtúnṣe àdéhùn ju ohunkóhun lọ. Ìpínrọ̀ 18 ní ẹ lè tún un ṣe fún ọdún márùn-ún mìíràn, ṣùgbọ́n lábẹ́ "ìlànà tó bá wà nígbà náà". Ìyẹn ni pé 6% lè di 9%, agbègbè lè kéré sí i, ẹ kò sì ní lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ ó tún san ìdajì owó ìwọlé tó bá wà lóde nígbà náà, ẹ ó sì tún ṣọ́ọ̀bù ṣe láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ìwé ìbéèrè gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn nígbà tó bá ku oṣù méjìlá sí oṣù mẹ́sàn-án kí àdéhùn parí. Tí ẹ bá pẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ̀tọ́ ti bọ́. A fẹ́ ọdún méje dípò márùn-ún. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ìtúnṣe àkọ́kọ́ jẹ́ láìsan owó ìwọlé, kí iye orí ọjà má ju 6% lọ, kí owó àtúnṣe ṣọ́ọ̀bù ní òpin ₦5,000,000, kí olórúkọ sì kọ̀wé rán yín létí kí ọjọ́ náà tó kọjá. Ẹ sì mójú tó onílé: ọdún méjì péré ni ìwé owó ilé tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè ọdún márùn-ún lórí ilé ọdún méjì. Ẹ gba ẹ̀tọ́ ìtúnṣe ilé sínú ìwé onílé kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí.

Agbègbè yín, gẹ́gẹ́ bí Àfikún B, jẹ́ kìlómítà 1.5 yíká ṣọ́ọ̀bù, bí ẹyẹ ṣe ń fò. Wọn kò sọ ibi pàtó tí a ó ti máa wọ̀n ọ́n, kò sì bo Gwárínpà tán. Èyí tó burú jù ni àwọn ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀: ilé epo, ọjà ńlá, ibùdókọ̀, àti oúnjẹ tí oníbàárà bá rà lórí fóònù. Ìyẹn ni pé wọ́n lè ṣí ibi ìdáná kan sí Kádò tàbí Dàwákì, kí wọ́n máa gbé adìyẹ wọlé sí ilé àwọn oníbàárà yín, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi máàpù sí i, kí gbogbo Ẹ́sítéètì Gwárínpà jẹ́ tiyín, oúnjẹ tí wọ́n bá rà lórí fóònù pẹ̀lú, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi Kádò àti Dàwákì lọ̀ yín kí wọ́n tó fún ẹlòmíràn.

Wọ́n tún ní tí ọjà bá wà lábẹ́ ₦7,000,000 fún oṣù mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, agbègbè kì í ṣe tiyín nìkan mọ́. Ẹni tó kọ ìyẹn kò mọ Àbújá. Ní oṣù Kejìlá, ìlú máa ń ṣófo nígbà tí ènìyàn bá ti lọ sílé fún ọdún. Nígbà Rámádáànì, ọjà ọ̀sán máa ń lọ sílẹ̀. Kí a lo ìṣirò oṣù méjìlá, kì í ṣe mẹ́ta.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ènìyàn méjì, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ní Èkó, ẹ̀yin lẹ ó sanwó ọkọ̀ àti ibùsùn. Ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, ₦150,000. Méjì kò tó, nítorí bí aláṣẹ ilé ìdáná bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó kù tó mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè mẹ́rin, kí òṣìṣẹ́ wọn méjì sì wà pẹ̀lú yín ní Gwárínpà fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́. Ìwé ìlànà iṣẹ́ ni kí ẹ fojú sí. Ìpínrọ̀ 9 sọ pé ó jẹ́ ara àdéhùn, wọ́n sì lè yí i padà nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi hàn yín. Ẹ fọwọ́ sí ìwé àṣírí, kí ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí èyí. Kí wọ́n má sì lè fi ìyípadà ìwé náà gbé ìnáwó tó ju ₦1,000,000 lé yín lórí lọ́dún kan.

Ohun èlò gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ wọn nìkan, ní iye tí wọ́n bá dá. Ọkọ̀ aláyìnyín láti Èkó ń gba Lọ́kọ́ja kọjá, ó sì lè dúró lójú ọ̀nà. Kí a kọ ọ́ pé tí adìyẹ kò bá dé láàárín wákàtí 48, ẹ lè rà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní Àbújá, láìsí ìjìyà.

Nípa jíjáde: olórúkọ lè lé yín pẹ̀lú ìwé ọjọ́ méje, ẹ̀yin kò ní ẹ̀tọ́ kankan láti jáde. A béèrè ọjọ́ 30 láti tún àṣìṣe ṣe, àti ẹ̀tọ́ láti jáde lẹ́yìn ọdún méjì pẹ̀lú ìwé oṣù mẹ́fà. Ìpínrọ̀ 22.5 ní tí ẹ bá jáde, ẹ ó san owó orúkọ oṣù 24 tó kù. Ní ₦540,000 lóṣù, ₦12,960,000 ni. Kí ó má ju oṣù mẹ́fà lọ, ₦3,240,000. Ìdènà pé kí ẹ má ta oúnjẹ fún ọdún méjì ní gbogbo agbègbè olú-ìlú fẹ̀ jù. Ilé-ẹjọ́ kì í sábà gbè sẹ́yìn irú ìdènà tó bá kọjá ohun tó bójú mu ní ìgbà àti ní agbègbè, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹjọ́. Kí ó jẹ́ adìyẹ díndín nìkan, oṣù 12, Gwárínpà nìkan. Kí ikú tàbí àìlera yín fún àwọn ọmọ yín ní oṣù 12 láti tẹ̀síwájú tàbí tà á, kì í ṣe ọjọ́ 90. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi orúkọ wọn sí padà ní iye tó kù lórí rẹ̀. Onílàjà tí wọ́n fi sí Èkó, ẹ ní kí ó jókòó ní Àbújá, lábẹ́ òfin ọdún 2023 tí a ń pè ní Arbitration and Mediation Act.

Ìwé oníduúró tí wọ́n ní kí ẹ fi orúkọ ara yín fọwọ́ sí, òun ló lè mú ilé yín ní Kúbwà lọ. Kí ó ní òpin ₦8,000,000, tàbí kí wọ́n yọ ọ́.

Ohun kan kù tí a rí ní ibi ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà: àmì wọn wà ní ìsọ̀rí 30, tí í ṣe ti ata àti èlò oúnjẹ, kò sí ní 43, tí í ṣe ti ilé oúnjẹ. Ọdún 2020 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sì máa ń jẹ́ ọdún méje, kí a tó tún un ṣe fún 14. Yóò parí lọ́dún 2027, nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Tí ẹlòmíràn bá forúkọ náà sílẹ̀ ní 43, ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ kàn. Kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní 43 kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì gbà láti san gbogbo ohun tí ó bá ná yín bí ẹnikẹ́ni bá pè yín lẹ́jọ́ nítorí orúkọ náà.

Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó fi dandan lé e pé kí olórúkọ ṣí ìwé owó rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé béèrè: ìwé ìṣirò ọdún méjì tó kọjá, iye ọjà ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó ń lo orúkọ yìí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti iye tó ti tilẹ̀kùn láti ọdún 2023. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn tó tilẹ̀kùn náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

A ti kọ lẹ́tà àtúnṣe náà sílẹ̀. Ẹ kà á, kí ẹ dá a padà ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó lè dé Èkó kí ọjọ́ 20 tí wọ́n dá tó pé. Tí wọ́n bá sọ pé ọjọ́ náà kò lè sún, ẹ fi ìpè náà sọ́dọ̀ wa.

Agbẹjọ́rò yín, Wúsè