"Mọ́mì, àwo fọ́": ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀

Ọmọ kan wọ ilé ìdáná, a gbọ́ ìró nǹkan tó já lulẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ojú àánú: "Mọ́mì, àwo fọ́." Kò sọ pé "Mo fọ́ àwo." Ẹ̀kọ́ tòní wà láàárín gbólóhùn méjì yẹn.

Nínú "Mo fọ́ àwo," àwo ni àbọ̀, nítorí òun ni ìṣe náà dé bá. Ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ ni fọ́ níbẹ̀. "Ọmọ náà dìde" kò ní àbọ̀, kò sì wá a: aláìgbàbọ̀ ni. Ẹ fi "kí ni" dán an wò. "Kí ni o fọ́?" bọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè pé "Kí ni o dìde?"

Etí náà lè ṣèdájọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ṣe àbọ̀ rẹ̀. "Omi dà," ohùn ìsàlẹ̀. "Ó da omi," ohùn àárín. Bákan náà ni "Ó sùn" àti "Ó sun oorun àsùnwọra." Ṣé ẹ rí i? Sùn tí a máa ń pè ní aláìgbàbọ̀ ti rí àbọ̀ he.

Àwọn kan ń gba àbọ̀ méjì, ní ló sì máa ń gbé ìkejì wá: "Ó fún mi ní owó," tí ẹnu wa ń sọ di "Ó fún mi lówó." Ibí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, torí "Ó rà á ní ọjà" náà ní ní. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú: "Owó ni ó fún mi," ní ti pòórá. Ṣùgbọ́n "Ọjà ni ó ti rà á": ti yọjú, ẹ mọ̀ pé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni ọjà, kì í ṣe àbọ̀.

Kí ló wá ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe yí ẹgbẹ́ padà? Ohun tí a fẹ́ kí olùgbọ́ rí ni. "Ó kọ́ ìṣirò": òun ló ń kẹ́kọ̀ọ́. "Ó kọ́ mi ní ìṣirò": ó ti di olùkọ́. Ṣí, ya, ṣẹ́ àti fọ́ ń lọ, wọ́n ń bọ̀: "Mo ṣí ilẹ̀kùn," "Ilẹ̀kùn ṣí." Tí àbọ̀ bá gba ipò olùwà, ẹni tó ṣe é a rí ibi sá sí.

Jẹun ní tiẹ̀ ti gbé àbọ̀ mì, ohun wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ pé "Ó jẹun iṣu". "Ó jẹ iṣu" ni.

Ní ti ọmọ wa, màmá rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé gírámà lòun ń ṣe tó fi dáhùn pé: "Ta ló fọ́ ọ?"