Ta Ni Kámẹ́rà Ń Kọ́, Ta Ni Ó Ń Lé? Agbára Ìkóníjàánu ní Ilé Iṣẹ́ Kan ní Ìkòròdú

Tí a bá dárúkọ Michel Foucault, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, ẹ̀wọ̀n ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ, nítorí ìtàn ẹ̀wọ̀n ni ìwé rẹ̀ ti 1975 dá lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó ní ilé ìṣọ́ láàárín, tí Foucault fi ṣe àpẹẹrẹ, tí Jeremy Bentham, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé lé lórí ní 1791, kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n. Àbúrò rẹ̀, Samuel, ló kọ́kọ́ ro ó, níbi tó ti ń wá bí yóò ṣe máa mójú tó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Bí mo bá wá gbé èrò náà lọ sí ilé iṣẹ́ aláwo rọ́bà kan ní Odogunyan, ilé rẹ̀ ni mo dá a padà sí.

Àlàyé Foucault ni pé ẹlẹ́wọ̀n inú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò mọ ìgbà tí wọ́n ń wo òun, nítorí náà ó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Agbára tó ń mú ènìyàn ṣọ́ ara rẹ̀ báyìí ni mo pè ní agbára ìkóníjàánu. Ní Odogunyan, bí wọ́n bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò tíì dún, kámẹ́rà ti kú, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn tó ń di àwo kì í dẹ̀. Pátákó ara ògiri ló tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Iye àwo tí kálukú dì wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí tirẹ̀ kò pé ni wọ́n ń fi bírò pupa kọ. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó gbá a létí. “Ẹ jẹ́ n parí eléyìí ná, kórúkọ mi má baà pọ́n,” ni obìnrin kan fi dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Ohun tí Foucault pè ní òṣùwọ̀n nìyẹn: ẹni tí kò tó ìwọ̀n ti jẹ̀bi, bí kò tilẹ̀ rú òfin kankan.

Àmọ́ àwọn tó ń tẹ̀ka láàárọ̀ nìkan ni gbogbo èyí bá mu. Àwọn kásúà kì í tẹ̀ka. Kọngílá ló ń ṣà wọ́n lẹ́nu géètì, orúkọ wọn kò sí lórí pátákó. Agbára ìkóníjàánu a máa náwó, náàkókò lé ara ènìyàn: yóò kọ́ ọ, yóò tò ó sípò, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ta ló fẹ́ náàkókò lé kásúà? Kámẹ́rà kan náà ló ń wo òun náà, ṣùgbọ́n bó bá rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, kì í tún un ṣe. Kó má padà wá lọ́la ni.

Foucault fúnra rẹ̀ ya adẹ́tẹ̀ tí ìlú lé jáde sọ́tọ̀ sí ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ka ènìyàn lójúlé-ójúlé. Ó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Lójú tèmi, wọn kò pọ̀ mọ́ra lára ẹnì kan ní Odogunyan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ló pín wọn láàárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan ṣoṣo. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 pàápàá, ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ló lè béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Kásúà kò ní fáìlì tí yóò béèrè.