Ètò Ìwé Kíkà Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́fà fún Àjọkẹ́

Àjọkẹ́ mi,

Ètò tí mo ṣèlérí rèé. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibi tí ò ń sùn, má kì í bọnú ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà, ni ìdánwò lítírésọ̀ yín. Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù karùn-ún, la ó bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá Àǹtí sọ̀rọ̀: aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti di tìrẹ, kò sẹ́ni tó máa rán ẹ níṣẹ́. Sátidé ni wàá bá wọn tajà ní Sábó, mi ò sì fi ìwé kankan sí ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá múná lọ, tọ́ọ̀ṣì tí mo rà wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní (5 sí 9, oṣù karùn-ún): Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Eré onítàn ni, ka á sókè, kí o sì yí ohùn padà fún olúkúlùkù. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, kà á tán láìkọ nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, tún un kà, pẹ́ńsù lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì (12 sí 16): àkọsílẹ̀ ẹ̀dá ìtàn. Ibí ni ìṣòro rẹ wà. Mo rí ohun tó o kọ nínú ìdánwò àṣewò: "Ẹfúnṣetán jẹ́ ìkà, ó lágbára, ó sì lówó." Ẹ̀rí dà? Ẹni tó ń máàkì ò lè fún ẹ ní nǹkan kan lórí orúkọ tó o sọ èèyàn. Ẹ̀dá ìtàn kan, ojú ìwé kan, báyìí:

ẸFÚNṢETÁN. Ohun tó ṣe: ó fòfin dè é pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, nígbà tí Adétutù lóyún, ó ní kí wọ́n pa á. Ohun tó fà á: ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìrọbí. Ibi tó já sí: ó bọ́ sọ́wọ́ Látóòsà, ó gbé májèlé jẹ. Ìbéèrè: ṣé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, àbí ọ̀fọ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?

Ojú ìwé tí o ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún Látóòsà, Ìtáwuyì àti Adétutù. Látóòsà ni kí o fara balẹ̀ sí jù: ṣé ìlú ló ń gbà là ni, àbí ìjọba ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò?

Ohun kan rèé tó jẹ mí níyà nígbà tèmi. Nínú ìtàn Ìbàdàn, àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán ló pa á ní 1874. Nínú eré, májèlé ló jẹ. Èmi kó ìtàn ìlú dà sínú ìwé ìdánwò, inú mi ń dùn pé mo mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Odindi ìbéèrè kan ló bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta (19 sí 23): àròkọ méjì, Ìṣẹ́gun àti Ẹtì. Ogójì ìṣẹ́jú péré fún ọ̀kan. Gbé aago síwájú. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kì í ṣe ti kíkọ, kókó mẹ́rin ni kí o fi tò sílẹ̀. Ìbéèrè kìíní: "Ẹfúnṣetán ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Jíròrò." Má sọ ìtàn náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin o, mo ti kà á.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin (26 sí 30): Ó Le Kú. Ka iye ojú ìwé, pín in sí márùn-ún, ọ̀kan lójúmọ́. Mo mọ̀ pé o ti wo fíìmù rẹ̀. Gbàgbé fíìmù, ìwé ni wọ́n máa bi ẹ́. Kọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan fún Àjàní, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, kí o sì kọ ohun tí Àjàní sọ fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àárín méjèèjì ni àròkọ wà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún (2 sí 6, oṣù kẹfà): ewì alohùn. Èkún ìyàwó, rárà, ìjálá. Ta ló ń sun ún, níbo, fún ta? Ìyá àgbà mọ èkún ìyàwó dáadáa, lọ jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí o sì kọ ìlà mẹ́wàá sílẹ̀. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa kí o tó béèrè.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà (9 sí 13): àròkọ kan lórí Ó Le Kú, ọ̀kan lórí ewì, lẹ́yìn náà àwọn àkọsílẹ̀ rẹ nìkan ni kí o máa kà. Ọjọ́ Ajé, 16, sùn ní aago mẹ́sàn-án.

Ya fọ́tò ojú ìwé Ẹfúnṣetán, fi ránṣẹ́ sí mi lórí wáàsáàpù kó tó di alẹ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì. Owó bírò àti ìwé àjákọ wà lọ́wọ́ Àǹtí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Ọ̀yọ́