Akèrègbè Ọgbọ́n: géèmù tí wàá gbé káàdì ẹ kọ́ ẹ̀yìn

Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá tó kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, tó gbé e kọ́ àyà, tó wá fẹ́ gun igi, àmọ́ akèrègbè ò jẹ́ kó rígi dì mọ́, àfìgbà tẹ́nì kan sọ fún un pé kó gbé e sẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni géèmù yìí ti jáde.

Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á. Òwe 12 ni ráùndì kan, a gé ìkọ̀ọ̀kan sí méjì, orí òwe àti ìrù òwe. Olúkúlùkù á gba orí mẹ́ta sọ́wọ́, ìyẹn tàyà, òun nìkan ló ń rí i. Á tún gba ìrù mẹ́ta, á tò wọ́n dojú kọ àwọn tó kù, ìyẹn tẹ̀yìn, gbogbo ayé ló ń rí i àfi òun.

Tó bá kàn ẹ́, wá ìrù tó bá orí kan lọ́wọ́ ẹ mu. Tó bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, ẹ̀yin méjèèjì á gun ìgbésẹ̀ kan kan lórí pátákó igi. Tóò bá wá rí i lẹ́yìn ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ẹ̀yìn tìẹ náà ló wà! Àmọ́ èwo nínú mẹ́ta? Ní kẹ́nì kan pa á lálọ́ fún ẹ, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ kankan tó wà lára káàdì yẹn. Tóo bá mú un, ìwọ gun mẹ́ta, ẹni tó pàlọ́ gun kan. Tóo bá ṣì í, sọ̀ kalẹ̀ ní méjì, káàdì á padà síbi tó wà.

Nígbà tá a dán an wò, ọmọbìnrin kan mú “Ilé ọba tó jó” dání, ó wo ẹ̀yìn gbogbo wa, kò rí nǹkan, ó bi mí, mo ní “ó ti wá wuni ju tàtẹ̀yìnwá lọ”, kíá ló na ọwọ́ mú “ẹwà ló bù sí i”. Òun ló mọ òwe kéré jù nínú wa, òun ló sì gbégbá orókè torí ó mọ èèyàn bi!

Yíyan òwe ló fún mi níṣẹ́ jù. “Bí ọmọdé bá ṣubú” ò dáa, ṣubú tún wà nínú ìrù ẹ̀, ojú lásán lèèyàn máa fi mú un, mo ti yọ ọ́. Àmì ohùn sì gbọ́dọ̀ pé lára káàdì, igbá kì í ṣe igba.

Láàárín ráùndì, a máa ń pàlọ́ kan, “Àlọ́ o!” “Àlọ̀!” “Òpá tín-ín-rín, ó kanlẹ̀ ó kànrun!” Ẹni tó bá kọ́kọ́ pe òjò gun kan.

Ìgbésẹ̀ 16 ni téńté igi. Àmọ́ tóo bá dé 15, ìrù tẹ̀yìn ẹ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀yìn ẹlòmíràn nìkan lo ti lè mú èyí tó máa gbé ẹ débẹ̀.