Lẹ́tà sí bàbá lánlọ́ọ̀dù: ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n kun yàrá méjèèjì yìí ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀

Ìtirẹ́, Súrùlérè, Èkó
16 Oṣù Kọkànlá 2025

Alájì wa, bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Àkọ́bí yín sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ti ń dá rìn dé mọ́ṣáláṣí báyìí, inú mi dùn gan-an ni, Ọlọ́run á jẹ́ kó tọ́jọ́. Àwa náà wà níbí o, kò sí wàhálà, omi ń yọ, géètì ń tì, Màmá ìsàlẹ̀ ṣì ń bá gbogbo èèyàn fà á lórí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè yín. Ẹ ti máa ń sọ fún wa pé ohun tó bá ti kan ilé, ká kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà dìjà lọ́la, ìwé àdéhùn tí a jọ sáìnì sì wí bẹ́ẹ̀, òfin ìyálégbé Èkó ti 2011 náà wí bẹ́ẹ̀, pé ayálégbé ò gbọdọ̀ yí nǹkan padà lára ilé àfi tí onílé bá kọ̀wé pé òun gbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì fi búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ́ńtà tí mo pè wá wò ó ti ń béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo ń tọrọ ni kí ẹ gbà mí láyè kí n tún yàrá méjèèjì tí mo wà kùn, pálọ̀ tí mo ti ń ránṣọ àti yàrá táwọn ọmọ ń sùn. Kíríìmù ni mo fẹ́ fún pálọ̀, èyí tó sún mọ́ funfun, kì í ṣe èyí tó pọ́n bíi kọ́sítáàdì. Ti yàrá, búlúù tó fẹ́lẹ́, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pè é ní funfun tí iná ò bá sí. Ògiri nìkan o. Mi ò ní fọwọ́ kan sílìn, ilẹ̀kùn, fírémù wíńdò, báluwẹ̀ tàbí ìta.

Mo mọ̀ pé Alhaja ló yan màrúùnù tó wà lára ògiri báyìí, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá wo ilé, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn ló mú mi wọlé, wọ́n fọwọ́ pa ògiri báyìí, wọ́n ní "ìyá ọmọ, àwọ̀ yìí ò mọ ìdọ̀tí, ọmọ ò lè bà á jẹ́". Òótọ́ ni wọ́n sọ, torí látìgbà yẹn, epo o, ọwọ́ ọmọ o, ṣọ́ọ̀kì mi o, kò séyìí tó hàn lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rò pé mo fẹ́ pa iṣẹ́ ọwọ́ wọn rẹ́. Nígbà yẹn ìmọ́lẹ̀ pọ̀ nílé yìí ni, ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ń gbin ewédú sí ló wà lẹ́yìn wíńdò pálọ̀, tí oòrùn bá ti yọ ó máa ń wọlé títí dé ìdí máṣíìnì mi, màrúùnù yẹn á wá máa dán bí obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Ilẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kọ́ petéèsì sí lọ́dún tó kọjá. Ẹ ò tíì rí i látìgbà tí ẹ ti lọ Ìkòròdú, ẹ máa rí i tí ẹ bá dé. Tí mo bá na ọwọ́ gba ojú wíńdò, ìka mi ń kan pọ́lásítà wọn. Wọ́n sì tún fi iyanrìn àti sìmẹ́ńtì lásán sílẹ̀ láìkùn, ó wá dúdú, nǹkan tí à ń wò láti àárọ̀ nìyẹn. Aago mọ́kànlá àárọ̀, mo ti tan gílóòbù méjì ní pálọ̀ kí n tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Àdúgbò wa sì wà lára àwọn tí wọ́n pè ní Báńdì A, ẹ̀yin náà mọ bí owó iná ṣe rí látìgbà tí wọ́n ti gbé e sókè ní Oṣù Kẹrin 2024, iná ń wá lóòótọ́, àmọ́ yúníìtì ń lọ bí omi inú agbọ̀n.

Ti owó iná ì bá tún yé mi, èyí tó dùn mí jù ni ti aṣọ. Oṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan kó aṣọ ìró dúdú wá pé kí n rán búbà àti ìró fún òun fún ìsìnkú, mo rán an lálẹ́ mọ́jú, mo lọ̀ ọ́, mo ká a dáadáa. Ìgbà tó gbé e sí oòrùn níwájú géètì ló rí i pé òwú aró ni mo fi rán gbogbo ọrùn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kì í ṣe dúdú. Nínú pálọ̀ yìí, lábẹ́ gílóòbù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri màrúùnù, òwú méjèèjì bára wọn mu délẹ̀délẹ̀. Mo tú u ní gbogbo òru, ojú abẹ́rẹ́ sì hàn lára aṣọ náà, mo ní láti dá owó iṣẹ́ padà. Obìnrin yẹn ò pariwo, ó kàn wò mí lójú, ìyẹn ló ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Àkọ́bí mi náà, tó ń múra fún wáẹ́ẹ̀kì, orí àtẹ̀gùn ló ti ń kàwé báyìí, Màmá ìsàlẹ̀ sì ní ó ń dí òun lọ́nà.

Pẹ́ńtà yẹn ṣàlàyé fún mi pé ògiri funfun máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e padà sínú ilé, àmọ́ irú màrúùnù yìí, ó ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sí ògiri, ó tún gbé pépà funfun kan sí iwájú ẹ̀, ojú mi tó rí i ni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ilé méjèèjì wọlé ò pọ̀, àmọ́ ìwọ̀nba tó ń wọlé yẹn, kó má tún sọnù sára ògiri.

Bí iṣẹ́ náà ṣe máa lọ rèé kí ọkàn yín lè balẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 12 lóòró, ó ga tó 10. Torí pé àwọ̀ tó wà lábẹ́ dúdú, ẹ̀ẹ̀kan la máa kọ́kọ́ fi pẹ́ńtì funfun bò ó, gálọ̀nù lítà mẹ́rin méjì ló máa gba fún yàrá méjèèjì, ká tó wá fi àwọ̀ gan-an kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn á gba bíi lítà 16. Ẹmọ́ṣọ̀n ni gbogbo ẹ̀, mi ò ní lo ọ́ìlì pẹ́ńtì, torí ọ́ìlì ló máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ tún un kùn lọ́la ní wàhálà, òórùn ẹ̀ sì máa da àwọn tó kù láàmú. Orílé ni mo ti máa lọ rà á fúnra mi, mi ò ní fún pẹ́ńtà lówó kó lọ bá mi ra èyí tí wọ́n ti bomi là. Ibi tí pẹ́ńtì àtijọ́ ti ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, omi la máa fi rọ̀ ọ́ ká tó ha á, a ò ní fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, torí wọ́n ní pẹ́ńtì àtijọ́ míì máa ń ní òjé nínú, eruku ẹ̀ ò dáa fún ọmọdé. Igun tó máa ń hu fúnfun nígbà òjò náà, a máa fọ̀ ọ́, a máa jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Mo fẹ́ ṣe é lọ́sẹ̀ kejì Oṣù Kejìlá, òjò á ti lọ, ọyẹ́ á ti máa fẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ó ti parí. Mo ti sọ fún Màmá ìsàlẹ̀, wọ́n ní kó sáà má jẹ́ ọjọ́ táwọn bá fọṣọ.

Owó pẹ́ńtì, owó pẹ́ńtà, èmi ni. Mi ò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó ilé ti Oṣù Kẹta, mi ò sì ní sọ lọ́jọ́ iwájú pé mo ti náwó sílé yín.

Tí ó bá di pé mo fẹ́ kó jáde, bóyá èmi ni mo fẹ́ lọ àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba ilé yín, mo ṣèlérí pé mo máa kun yàrá méjèèjì padà sí màrúùnù bí mo ṣe bá a, kí n tó kó kọ́kọ́rọ́ fún yín, lówó ara mi. Kí ọ̀rọ̀ má baà di "kì í ṣe àwọ̀ yìí kọ́ ló wà níbẹ̀", mo ti ronú nǹkan kan. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ní yàrá àwọn ọmọ, ibi tí ojú ò dé, mo máa fi ibì kan sílẹ̀ láìkùn, ó máa tó ojú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọ̀ Alhaja á wà níbẹ̀ gan-an gan-an, lára ògiri, ìgbàkígbà tí ẹ bá wá ẹ lè sún wọ́dúróòbù kí ẹ wò ó. Ibẹ̀ náà la ti máa ha ìpẹ́ kékeré kan lọ bá àwọn tó ń po pẹ́ńtì nígbà yẹn, kí wọ́n pò ó bára mu. Mo sì ti ya fọ́tò gbogbo ògiri, mo ti fi ránṣẹ́ sí àkọ́bí yín lórí Wásáàpù kó lè fi hàn yín.

₦50,000 kọ́ṣọ̀n fíì tí mo san nígbà tí mo wọlé ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má dá a padà fún mi títí ẹ ó fi wá wo ògiri tó tẹ́ yín lọ́rùn. Tí pẹ́ńtà nígbà yẹn bá gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ni mo máa fi lé e. Àmọ́ tí ẹ bá dé ìgbà yẹn tí ẹ wò ó pé kíríìmù yẹn wù yín, ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀, ìyẹn kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Tí ó bá jẹ́ pé yàrá kan péré ni ọkàn yín gbà, pálọ̀ ni mo máa mú. Tí ẹ bá sì ní àwọ̀ míì lọ́kàn tó mọ́lẹ̀, ẹ sọ fún mi, mi ò ní jà.

Àkọ́bí yín ní òun ń bọ̀ ní Ìtirẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yìí. Mo ti tẹ lẹ́tà yìí jáde ní ẹ̀dà méjì, mo fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá gbà, ẹ bá mi kọ "mo gbà" sí méjèèjì, ẹ sáìnì, ẹ kọ déètì, kí wọ́n mú ọ̀kan bọ̀ fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Dámilọ́lá,
òkè, yàrá méjì apá òsì

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ẹ̀rọ omi ti ń dún lọ́nà kan bí ẹni ń wúkọ́, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ìsàlẹ̀ ní kí n má sọ fún yín, pé ó máa dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀. Mo sọ ọ́ o.