Bọ́lá, o kú ìmúrasílẹ̀ JAMB ọ̀la

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé àyà rẹ ń já. Jẹ́ kó máa já, ìwé tó o ti kà ò ní sá lọ lóru òní. Bó bá di aago mẹ́sàn-án, pa ìwé dé, kó o sùn.

Tún ìwé pélébé tó o tẹ̀ jáde wò: orúkọ gbọ̀ngàn náà gan-an, torí àwọn kan lórúkọ jọra. Fi fóònù àti aago ọwọ́ sílé. Nu ọwọ́ gbẹ kó o tó tẹ̀ka, òógùn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ìlà ìka dáadáa.

Ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2. Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó 60, mẹ́ta yòókù jẹ́ 40-40. Bó o bá jókòó ti àyọkà Gẹ̀ẹ́sì jù, Kẹ́mísírì ló máa jìyà ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni máàkì rẹ wà! Ìwọ tó ò ń ṣàlàyé móòlù fún gbogbo kíláàsì, ta ló fẹ́ dẹ́rù bà ọ́?

Èyí tó bá le, tẹ N kọjá, fi P padà wá. Bí máòsì bá ń ṣe wèrè, A, B, C, D orí kíbọọ̀dù ń dáhùn. S nìkan ni kó o ṣọ́ra fún, òun ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́; bọ́wọ́ bá ṣèèṣì bà á, tẹ R.

Orí ẹ á bá ọ ṣe é. Bó o bá ti jáde, pè mí.